Aago ọwọ́ olójú kékeré mẹ́ta: ọ̀pá gígùn ò rìn, ojú 24 ò gbọ́ràn, kí ni gbogbo ẹ̀ wà fún?

BàbáTíṣà_Ajílósùn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì kete. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Máńṣẹ́sítà fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, aago tó wúwo, tó rẹwà, ojú kékeré mẹ́ta ló wà nínú ojú ńlá, bọ́tìnnì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lókè wáíńdà, ọ̀kan nísàlẹ̀ ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pá sẹ́kọ́ọ̀ndì tó gùn yẹn, èyí tó tín-ín-rín tó sì pupa lẹ́nu, kò rìn rárá, orí 12 ló dúró sí látàárọ̀ dalẹ́. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún aago ṣe nínú ọjà, ó wò ó, ó ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú, kí n mú 18,000 náírà wá kó bá mi pààrọ̀ ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó ná.

Èkejì, ojú kékeré tó wà lápá ọ̀tún, ìyẹn níbi 3, nọ́ńbà 24 ló wà lókè ẹ̀. Ọmọ mi sọ pé aago náà lè sọ aago méjì, tibí àti tọ̀dọ̀ wọn, mo wá rò pé ibẹ̀ ni màá ti ṣètò ti Máńṣẹ́sítà. Mo fa wáíńdà, mo yí i, ojú kékeré yẹn yí lóòótọ́, àmọ́ aago ńlá náà bá a yí, tí mo bá tún aago ńlá ṣe, tọ̀hún á tún padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà wà létí ojú aago yíká, ó bẹ̀rẹ̀ láti 400, ó ń wálẹ̀, 300, 240, títí dé 60. Kí ni gbogbo wọn wà fún? Mi ò fẹ́ pe ọmọ kí n sọ fún un pé aago tó fowó ẹ̀ rà ti bàjẹ́.

Túnjí_Ìworókò
Ẹ kú u dídè bàbá. Kò bàjẹ́ o, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó. Kúrónógíráàfù ni wọ́n ń pe irú aago yẹn, ìyẹn aago tó ní sítọ́ọ̀bù-wọ́ọ̀ṣì nínú. Ọ̀pá gígùn yẹn ti sítọ́ọ̀bù-wọ́ọ̀ṣì ni, kì í rìn àfi tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì òkè. Ojú kékeré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ti sítọ́ọ̀bù-wọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀kan ń ka sẹ́kọ́ọ̀ndì, ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú, èyí tó ní 24 yẹn ń ka wákàtí tẹ́ ẹ bá fi ń ka nǹkan tó pẹ́.

Aláago_Ìfàkì
Túnjí, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà, ìdajì tó kù ló lè da bàbá rú. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ṣí aago, ojú 24 yẹn ló sì ń dààmú àwọn èèyàn jù.

Bàbá, ẹ kú ilé sà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí aago yín. Ẹ wo ojú kékeré tó wà nísàlẹ̀, níbi 6, ṣé ọ̀pá tíńtín inú ẹ̀ ń rìn? Tó bá ń rìn, aago yín ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ò kú. Ibẹ̀ ni sẹ́kọ́ọ̀ndì aago gan-an wà, wọ́n gbé e lọ sínú ojú kékeré torí pé wọ́n ti fi ọ̀pá gígùn àárín sílẹ̀ fún kíka nǹkan. Ohun tójú wa mọ́ ni pé ọ̀pá tó gùn tó tín-ín-rín ló gbọ́dọ̀ máa sáré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń rò pé ó ti kú.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe dán an wò kẹ́ ẹ lè mọ iṣẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó pé wáíńdà ti wọlé dáadáa. Ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá gígùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ jẹ́ kó lò tó ìṣẹ́jú méjì. Ojú kékeré tó bá sún lọ sí 1, tó tún sún lọ sí 2, òun ló ń ka ìṣẹ́jú fún kúrónógíráàfù, nínú irú aago tẹ́ ẹ júwe yìí ó sábà máa ń wà lápá òsì, níbi 9. Ẹ wá wo èyí tó ní 24. Kò ní ṣe bíi pé ó gbọ́ pé ẹ tẹ nǹkankan. Ẹ tún bọ́tìnnì òkè tẹ̀, ọ̀pá á dúró, ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á padà sí 12.

Èyí tí kò gbọ́ yẹn, àtòun àti aago ńlá ni wọ́n jọ so pọ̀ mọ́ra nínú, eyín kan náà ló ń yí àwọn méjèèjì. Tí aago ńlá bá wà ní 3 ọ̀sán, ó máa wà ní 15. Tó bá jẹ́ 3 òru, ó máa wà ní 3. Kò lè lọ sí ìlú mìíràn láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ yí wáíńdà tó.

Túnjí_Ìworókò
Ẹ ṣé ọ̀gá. Àmọ́ tèmi tí mo ní nílé ojú kékeré ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń ka wákàtí, ó ń dé 12, mo ti lò ó rí tá a fi ń lọ Àbújá.

Aláago_Ìfàkì
Tìẹ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Tìẹ dé 12, tiwọn dé 24, àmì tí èèyàn á fi mọ̀ nìyẹn. Ojú tó ń ka wákàtí fún kúrónógíráàfù, 12 ló sábà máa ń ní, orí òdo ló sì máa ń dúró tẹ́nikẹ́ni ò bá tẹ bọ́tìnnì. Èyí tó ní 24 tó sì ń rìn fúnra ẹ̀ láìtẹ nǹkankan, ti aago ńlá ni.

BàbáTíṣà_Ajílósùn
Ọlọ́run á bù kún yín o. Mo ti ṣe é. Ọ̀pá kékeré ìsàlẹ̀ ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ti ń rìn látọjọ́ yìí wá tí n kò fiyè sí i! Mo tẹ ti òkè, èyí gígùn gbéra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ojú òsì ló ka 1, ó ka 2, gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe wí. Àmọ́ nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, mo tẹ ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá gígùn ṣì ń sáré, ó dúró gbọin, nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́ ó fò lọ síwájú ó tún ń sáré lọ. Ṣé mo ti bà á jẹ́? Èkejì, nígbà tí mo dá gbogbo ẹ̀ padà, ọ̀pá gígùn ò dúró sórí 12 géérégé, ó kọjá ẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan.

Tí ojú 24 ò bá sì lè gbé aago Máńṣẹ́sítà, kí ni wọ́n fi sí i fún?

Aláago_Ìfàkì
Ẹ ò bà á jẹ́ sà. Èyí tó dúró tó tún fò lọ yẹn, bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ aago oníbátìrì nìyẹn: tẹ́ ẹ bá tẹ ti ìsàlẹ̀ nígbà tó ń kà, ọ̀pá á dúró kẹ́ ẹ lè rí ibi tó dé, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún ó ṣì ń kà á lọ, tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ ọ̀pá á sá lọ bá ibi tí kíkà ti dé. Tí ọmọ méjì bá ń sáré ìje, ẹ lè fi mú ti ẹni àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó mú ti ẹnìkejì. Aago oníwáíńdì tí kò lo bátìrì ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa ẹ̀, ẹ má tẹ ti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Òkè kẹ́ ẹ dá a dúró, ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ìlà kan tó kọjá 12 ńkọ́, kò gba kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́jà. Nínú ọ̀pọ̀ aago oníbátìrì bẹ́ẹ̀, ẹ fa wáíńdà jáde dé òpin, ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè, ọ̀pá gígùn á sún ní ìlà kọ̀ọ̀kan fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iwájú nìkan ló ń lọ, kì í padà sẹ́yìn, torí náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ yí gbogbo ojú aago ká kó tó dé 12. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á sáré, ẹ yọwọ́ tó bá kù díẹ̀ kó dé, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ tún aago ṣe, ẹ ti wáíńdà wọlé.

Iṣẹ́ ojú 24 nìyí: aago ńlá ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, òun ló mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń ṣètò aago tó ní déètì, tẹ́ ẹ sì gbé e sí 12 láìmọ̀ pé 12 òru lẹ wà, déètì á máa yí lọ́sàn-án gangan. Ẹ wo ojú 24 kẹ́ ẹ tó jáwọ́. Tó bá wà láàárín 21 sí 3, ẹ má fi wáíńdà sún déètì nígbà yẹn, torí eyín tó ń yí déètì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí eyín déètì tó kán jù.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Nọ́ńbà tó wà létí aago, 400 wá sí 60, fún kíka bí ọkàn ṣe ń lù ni. Ọ̀gá wa kan nígbà tá a wà ní ilé ìwé ní irú aago yẹn, òun ló fi ń mú pọ́ọ̀sì aláìsàn.

Wọlé_Awakọ̀_Ìkéré
Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ ìgbàlà. Aago tí ọ̀gá yín ní lè jẹ́ irú mìíràn, torí aago kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ṣe fún dókítà, wọ́n á kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé 15 tàbí 30 ni kí wọ́n kà. Àmọ́ ti bàbá yìí, tó bẹ̀rẹ̀ láti 400 tó parí sí 60 níbi 12, takimítà ni. Eré ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Mo ń lò ó dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ti bá yín pín 3600 sílẹ̀. Sẹ́kọ́ọ̀ndì 3600 ló wà nínú wákàtí kan. Tí nǹkan kan bá gba sẹ́kọ́ọ̀ndì 36, á ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 100 ní wákàtí kan, ẹ sì máa rí i pé 100 ni wọ́n kọ síbi sẹ́kọ́ọ̀ndì 36. Tó bá gba 30, 120 ló wà níbẹ̀. Tó bá gba 60, 60 ló wà níbẹ̀. Wọ́n kàn pín in sílẹ̀ kẹ́ni tó wà nínú ọkọ̀ má bàa máa ṣe ìṣirò.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀, àbúrò mi ló wà nídìí ẹ̀, láti Adó bọ̀ wá sí Ìkéré. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yẹ kó máa ṣe é, awakọ̀ ò gbọdọ̀ máa tẹ aago lójú títì, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń wo kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó máa ń fi ìdá mẹ́wàá hàn. Mo ní kí àbúrò mi di eré rẹ̀ mú kó má yí i padà. Bó ṣe kan 4.0 báyìí mo tẹ bọ́tìnnì òkè, bó ṣe kan 5.0 mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá gígùn dúró sí sẹ́kọ́ọ̀ndì 45, ìyẹn níbi 9, mo wo etí aago, 80 ni mo bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan là ń sá. 3600 ẹ pín in sí 45, ẹ máa rí i.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé tí kìlómítà kan bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, nọ́ńbà tó wà létí aago ti di irọ́. Láàárín ìgboro Adó mo ṣe é, ó gba ìṣẹ́jú 1 àti sẹ́kọ́ọ̀ndì 15, ọ̀pá ti yí ká ó sì dúró sí 15, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni 240! Ọkọ̀ wo ló ń sá 240 ní Adó? 48 ni eré náà gan-an. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ojú kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú, tó bá ti kúrò lórí òdo, ẹ má ka etí aago. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ ka ìdajì kìlómítà, 4.0 dé 4.5, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí, ẹ pín in sí méjì. Ìdajì kìlómítà ní sẹ́kọ́ọ̀ndì 45, etí aago á ní 80, eré yín jẹ́ 40.

Ìkejì, tẹ́ ẹ bá pẹ́ tẹ bọ́tìnnì pẹ̀lú sẹ́kọ́ọ̀ndì kan níbi 45, eré 80 á di 78, kò burú. Àmọ́ lápá ibi 300, 400 yẹn, sẹ́kọ́ọ̀ndì kan lè gbé yín láti 360 lọ sí 400. Apá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ò wúlò fún ọwọ́ èèyàn. Ìkẹta, tí ọkọ̀ bá ti já sínú kòtò tó dẹ̀rọ̀, tó tún sáré, ohun tẹ́ ẹ rí ni bí gbogbo ẹ̀ ṣe rí tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, kì í ṣe eré tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Onímọ́tò_Ọmúò
Wọlé, kí ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ nígbà tí aago ní 80?

Wọlé_Awakọ̀_Ìkéré
85. Mo rò pé aago ló tọ̀nà, torí wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ọ̀pá eré dáṣíbọ́ọ̀dù sọ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ díẹ̀.

Onímọ́tò_Ọmúò
Mi ò gbà tán. Kìlómítà tó o fi wọ̀n ọ́n, inú dáṣíbọ́ọ̀dù kan náà ló ti wá. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó kéré, kìlómítà tí ọkọ̀ kà gan-an ò ní pé kìlómítà kan. Aago ẹ ò purọ́ àmọ́ nǹkan tó o fi wọ̀n ọ́n lè purọ́ fún un. Òpó kìlómítà ẹ̀gbẹ́ títì ló yẹ kó o lò.

Wọlé_Awakọ̀_Ìkéré
Òpó mélòó ló kù lójú ọ̀nà wa? Táyà tó bá ọkọ̀ wá ni mo ṣì ń lò. Màá wá ibi tí òpó méjì ti tẹ̀lé ara wọn kí n tún un ṣe.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó
Wọlé, mo gbọ́ ọ, mo wá jókòó tì í mo ṣe ìṣirò, mo rí nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú. O ní 3600 ni wọ́n pín. Tí mo bá ka ìlù ọkàn 60, tó gba sẹ́kọ́ọ̀ndì 50, iye tó ń lù ní ìṣẹ́jú kan ni 60 lọ́nà 60, kí n pín in sí 50. 60 lọ́nà 60 sì ni 3600 yẹn! 72 nìyẹn, nígbà tí mo wo takimítà ọkọ mi, 72 bọ́ sí ibi sẹ́kọ́ọ̀ndì 50 gẹ́lẹ́. Torí náà ẹni tó bá ka ìlù 60 lè ka pọ́ọ̀sì ní tààrà létí aago náà.

Àmọ́ ẹni tí ọkàn ẹ̀ rọra ń lù, 60 á kọjá ìṣẹ́jú kan, á sì di irọ́ tó o sọ yẹn. Fún ẹni bẹ́ẹ̀ mo ka 30 kí n wá pín nọ́ńbà náà sí méjì. Ìlù 30 ní sẹ́kọ́ọ̀ndì 25, etí aago ní 144, ìdajì ẹ̀ ni 72. Ohun kan ṣoṣo ni pé ìlù tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì lé lórí, òdo ni kẹ́ ẹ pè é, kì í ṣe ení. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ení ti sọ ìlù kan nù. Tí ìlù náà bá sì ń fò, tí kò dọ́gba, ẹ ka odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ má gbára lé ọ̀nà àbùjá yìí.

Wọlé_Awakọ̀_Ìkéré
Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Ẹ ṣé gan-an ìyá wa.

Píọ́wọ́tà_Ìlawẹ̀
Èmi náà ní ìbéèrè. Mo ní ẹ̀rọ tó ń ṣe píọ́wọ́tà, mo fẹ́ mọ iye báàgì tó lè ṣe ní wákàtí kan, àmọ́ ọ̀rá kan ò tó sẹ́kọ́ọ̀ndì 3, kò sí nọ́ńbà níbẹ̀ létí aago. Ṣé takimítà ò wúlò fún mi ni?

Aláago_Ìfàkì
Á wúlò. Má ka ọ̀rá kan, ka mẹ́wàá. Tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ọ̀kan já bọ́, pe ìyẹn ní òdo bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, tẹ̀ ẹ́ padà nígbà tí ìkẹwàá já bọ́. Tó bá gba sẹ́kọ́ọ̀ndì 20, etí aago á ní 180, ìyẹn ni pé mẹ́wàá-mẹ́wàá ọgọ́sàn-án, 1800 ọ̀rá. Báàgì olọ́rá 20 á jẹ́ 90 ní wákàtí kan.

Píọ́wọ́tà_Ìlawẹ̀
Mo ṣe é, sẹ́kọ́ọ̀ndì 24 ló gbà, 150 ló wà níbẹ̀. 1500 ọ̀rá nìyẹn, báàgì 75. Àmọ́ mo mọ̀ pé a kì í rí ju 60 lọ, torí á dúró ká pààrọ̀ rólù náílọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ á sì tún dúró di báàgì. Báàgì 15 tó ń lọ níbi ìdúró yẹn gan-an ni màá lọ wò báyìí.

Ọmọ_Ìjerò
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aago, tèmi tó ń so mọ́ fóònù bátìrì ẹ̀ kì í dalẹ́, kí ni mo lè ṣe?

ÌyáÌbejì_Ìkọ̀lé
Ìjerò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn, ọ̀rọ̀ aago Máńṣẹ́sítà ò tíì yanjú.

Bàbá, aago tó ń sọ aago ìlú méjì lóòótọ́, jíẹ́mùtí ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi ní ọ̀kan, torí ọmọ wa kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkejì wà ní Hùsítìn. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Rólẹ́ẹ̀sì ti ṣe irú ẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òfurufú Páànù-Àmù. Ẹ máa fi ọ̀pá kẹrin mọ̀ ọ́n, ó sábà máa ń ní orí bí ọfà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń yí ká láàárín wákàtí 24. Torí náà tó bá kọjú sí ibi tí 3 wà lójú aago, kì í ṣe aago 3, aago 6 àárọ̀ ni. Tó bá dorí kodò síbi 6, ọ̀sán gangan ni, aago 12. Nọ́ńbà 1 sí 24 tó wà létí ni kẹ́ ẹ máa fi kà á, ẹ gbàgbé ti ojú ńlá.

Láti ṣètò ti ọkọ mi, a fa wáíńdà jáde lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe dé òpin. Tẹ́ ẹ bá yí i sí apá kan, déètì ló ń yí, sí apá kejì, ọ̀pá ọlọ́fà yẹn nìkan ló ń fò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, aago tibí ò sún rárá. Níbẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí tiyín. Oṣù keje tó kọjá, aago 2 ọ̀sán ni ní Ìkọ̀lé, Hùsítìn wà ní 8 àárọ̀, a gbé ọ̀pá náà sí 8, ó parí.

Túnjí_Ìworókò
Mo rò pé aago Lọ́ńdọ̀nù ni jíẹ́mùtí, ìdí tí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àwa náà jíẹ́mùtí kọ́ là ń lò ni?

ÌyáÌbejì_Ìkọ̀lé
Rárá o Túnjí. Àwa fi wákàtí kan ṣíwájú jíẹ́mùtí, a kì í sì í yí aago padà láàárín ọdún. Lọ́ńdọ̀nù ló ń yí. Ní ìgbà òtútù, jíẹ́mùtí ni wọ́n ń lò, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ní ìgbà ooru wọ́n á sún aago síwájú, àwa àti wọn á wá jọ wà lórí aago kan náà. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni wọ́n ń sún un síwájú, Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá a padà. Ní 2026, 29 oṣù kẹta àti 25 oṣù kẹwàá nìyẹn.

Bàbá, ìyẹn ni pé fún nǹkan bí oṣù méje láàárín ọdún, ẹ ò nílò aago kejì fún Máńṣẹ́sítà. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín náà ni aago wọn. Oṣù márùn-ún tó kù, ẹ yọ wákàtí kan.

Amẹ́ríkà ló ń dààmú wa. Hùsítìn ń fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn wa ní ìgbà ooru, 7 ní ìgbà òtútù, ọjọ́ tí wọ́n ń yí i ò sì bá ti Lọ́ńdọ̀nù mu. Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta ni tiwọn, ìyẹn 8 oṣù kẹta ní 2026. Láti ọjọ́ yẹn títí di 29, Hùsítìn ti sún, Lọ́ńdọ̀nù ò tíì sún. Ọdún tó kọjá ní irú àkókò yẹn, a ò sún ọ̀pá náà, aago wa ní ọmọ ò tíì jí, bẹ́ẹ̀ ó ti kúrò nílé, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tá a fi pè é, ọ̀rọ̀ tá a sì fẹ́ bá a sọ ò ṣeé sọ níbẹ̀. Aago náà ò mọ nǹkankan nípa ooru tàbí òtútù, ọwọ́ yín lẹ máa fi sún un.

Aláago_Ìfàkì
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un nípa òrùka etí aago, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń yí, tó ní nọ́ńbà 24 lára. Ẹ má ka iye ìgbà tó dún kẹ̀, torí ti òmíràn máa ń dún 24, ti òmíràn 48, ti òmíràn 120. Kẹ́ ẹ kàn béèrè aago wọn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ yí òrùka náà títí nọ́ńbà tó jẹ́ aago wọn á fi wá bá ẹnu ọfà. Látìgbà náà lọ á máa bá a lọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà ní Íńdíà á rí i pé wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n fi ṣíwájú wa, ọ̀pá tó ń fò ní wákàtí-wákàtí ò lè gbé ààbọ̀ yẹn. Òrùka tó ń dún 48 lè gbé e.

BàbáTíṣà_Ajílósùn
Ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti yé mi. Ọ̀pá gígùn ti padà sórí 12, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í sún kọjá kó tó jókòó síbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Hùsítìn náà, mo wá rí i pé ojú 24 yẹn wúlò fún un. Bó bá wà ní 14, mo yọ 6, wọ́n wà ní 8 àárọ̀. Lóru tó bá wà ní 3, mo fi 24 kún un kí n tó yọ 6, ó fún mi ní 21, aago 9 alẹ́ àná nìyẹn. Mi ò ní máa yí wáíńdà mọ́. Tó bá di ìgbà òtútù, 7 ni màá máa yọ.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè jẹ́ kí ọ̀pá gígùn máa sáré títí? Ó dára lójú nígbà tó ń rìn.

Aláago_Ìfàkì
Lójú tèmi, ẹ má ṣe é. Oníbátìrì ni tiyín, bátìrì á tètè tán.

Túnjí_Ìworókò
Tèmi ti ń sáré fún ọdún kan àbọ̀, bátìrì àkọ́kọ́ ló ṣì wà nínú ẹ̀.

Onímọ́tò_Ọmúò
Èmi gbọ́ pé oníwáíńdì gan-an ló yẹ kó máa sáré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí òróró inú ẹ̀ má bàa gan.

Aláago_Ìfàkì
Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbà. Lójoojúmọ́ tọ̀sán-tòru, ó ń jẹ eyín ara wọn, mo ti ṣí irú ẹ̀ rí. Àwọn ọ̀gá aago kan ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní tuntun ò ní nǹkankan tó ń ṣe é. Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wò ó tó bá wù yín, kẹ́ ẹ dá a padà kẹ́ ẹ tó sùn.

Wọlé_Awakọ̀_Ìkéré
Onímọ́tò, mo rí òpó méjì tó tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní 85, aago ní sẹ́kọ́ọ̀ndì 44, etí aago sún mọ́ 82.

Onímọ́tò_Ọmúò
Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo ṣe é? Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.